Ìwé Wo Ló Wà Lẹ́yìn Ọ̀rọ̀ Yìí? Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Ìpolówó Ilẹ̀ Títà

Ìpolówó ọjà la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí láàárọ̀ yìí, pàápàá jù lọ ìpolówó ilẹ̀ títà. Sọ́fèyọ̀ ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n wọn ilẹ̀, kí n yà á sínú ìwé, kí n sì sọ ibi tí ààlà rẹ̀ parí sí. Àwọn tó ti gbọ́ ìpolówó, tí wọ́n sì ti sanwó, ló sábà máa ń wá bá mi. Ó wù mí kí wọ́n máa kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó sanwó, ìdí tí mo fi wà níwájú yín nìyẹn.

Kí ló dé tó jẹ́ ilẹ̀ ni mo mú? Ẹni tó ra ọṣẹ tí kò hó, owó ọṣẹ ló pàdánù. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó tà á, owó ìfẹ̀yìntì lè ṣòfò, owó àjọ lè ṣòfò, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó lè ṣòfò pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ìpolówó ilẹ̀ pọ̀ lórí rédíò wa báyìí. Òun ló wà lára bílíbọ́ọ̀dù, òun ló wà lórí fóònù. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà gan-an, àwọn ni wọ́n ń fojú sùn, nítorí owó wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì sí nílé láti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpolówó kan, ká tú u palẹ̀. Màmá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ló gbọ́ ọ lórí rédíò ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n wá sọ ọ́ fún mi. Mo ti yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kúrò. Báyìí ni ó ṣe lọ: “Ìròyìn ayọ̀! Ilẹ̀ ti dé ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí! Ìṣẹ́jú márùn-ún péré sí pápákọ̀ òfuurufú tuntun. Ilẹ̀ gbígbẹ, kò sí wàhálà ọmọ onílẹ̀, ìwé rẹ̀ pé pérépéré. Láti mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà péré. Rà á lónìí, kọ́ ọ lónìí. Owó yóò lé sí i ní ìparí oṣù. Ra pulọ́ọ̀tì márùn-ún, kí o gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Àdéhùn àti ìlànà wà o.”

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ìpolówó yìí, ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Àkọ́kọ́ ni ìyìn. “Ìròyìn ayọ̀”, ìyìn ni. “Ilẹ̀ ti dé”, ìyìn ni. Kò sí ọlọ́jà tí kì í yin ọjà rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè mú ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù nítorí pé ó pe ọjà rẹ̀ ní ìròyìn ayọ̀. Ẹ jẹ́ kó gba etí kan wọlé, kó gba èkejì jáde. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ṣeé yẹ̀ wò. Ìwé rẹ̀ pé, ó ṣeé yẹ̀ wò. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, ó ṣeé yẹ̀ wò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ṣeé yẹ̀ wò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi í: ìwé wo ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ bá mi wí i: ìwé wo ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí “ìṣẹ́jú márùn-ún péré sí pápákọ̀ òfuurufú tuntun”. Ìṣẹ́jú kì í ṣe ohun tí a fi ń wọn ilẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ta ni? Ṣé ẹni tó gun ọ̀kadà ni, àbí ẹni tó wa ọkọ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí nígbà tí títì dá páropáro? Ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́, kìlómítà ni yóò sọ. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pápákọ̀ òfuurufú wo? Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi orúkọ pápákọ̀ òfuurufú Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ta ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú kankan kò tíì balẹ̀ níbẹ̀. Èbúté ọkọ̀ ojú omi Lẹ́kkí ní tirẹ̀ wà lóòótọ́, ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i, ọkọ̀ sì ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀kan wà, ọ̀kan ṣì jẹ́ ètò lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ́tí sí ìpolówó, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń dárúkọ méjèèjì, bí ẹni pé ẹ lè gbé àpótí yín kí ẹ wọkọ̀ òfuurufú lọ́la. Èyí jẹ́ ọgbọ́n kan tí ẹ gbọ́dọ̀ dá mọ̀: wọ́n á fi ohun tí a ń retí ṣe ohun tó ti wà.

Báwo lẹ ṣe lè yẹ ibi tí ilẹ̀ wà wò? Ẹ béèrè ìwé sọ́fè rẹ̀. Ẹ óò rí àwọn nọ́ńbà gígùn ní igun ilẹ̀ náà lórí ìwé, méjì méjì. Ọ̀kan ń sọ bí ilẹ̀ ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tó, èkejì ń sọ bó ṣe lọ sí àríwá tó. Ẹ má fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn sínú máàpù orí fóònù bó ṣe wà, nítorí irú nọ́ńbà tí fóònù ń lò yàtọ̀. Ẹ gbé e fún sọ́fèyọ̀ èyíkéyìí, yóò yí i padà fún yín kíákíá. Lẹ́yìn náà, fóònù yín fúnra rẹ̀ yóò sọ iye kìlómítà tó wà láàárín ilẹ̀ àti títì ńlá. Nígbà tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún màmá wa, ilẹ̀ náà wà ní ẹ̀yìn abúlé méjì, ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ ló sì dé ibẹ̀.

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ̀ láti fún yín ní ìwé sọ́fè kí ẹ tó sanwó ńkọ́? Ìdáhùn yín nìyẹn. Ẹ má wá òmíràn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé orí gbólóhùn tó ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di onígbèsè: “ìwé rẹ̀ pé pérépéré.” Ibí yìí ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀, nítorí ibí ni irọ́ ti máa ń wọ aṣọ òótọ́.

Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde ní 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ó ń ṣọ́ ọ fún ará ìlú. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ti na ọwọ́ lé ilẹ̀ rẹpẹtẹ, pàápàá ní apá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí àti Ẹ̀pẹ́. Ẹbí tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ lè kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n gé díẹ̀ padà fún àwọn. Bí ìjọba bá gbà, ó gé e nìyẹn. Gígé yìí ni gbogbo ayé ń pè ní ẹ̀sísọ̀n. Nígbà tó bá parí, ìjọba á tẹ orúkọ abúlé náà àti bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó jáde nínú gàsẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba.

Ẹ wá gbọ́ bí ìpolówó ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní, “Ẹ̀sísọ̀n rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́.” Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti kọ lẹ́tà, tàbí ó ń gbèrò láti kọ ọ́. Ìjọba lè gbà, ó lè kọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì lè wà ní ìdúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Títí tí ìdáhùn yóò fi dé, ilẹ̀ ìjọba ni. Bí ìjọba bá ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, bí ọ̀nà tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ẹ tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀, kì í sábà gbé e sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́lé síbẹ̀, ó kọ́lé de katakata.

Òmíràn á ní, “Ó ní gàsẹ́ẹ̀tì.” Èyí ni ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù, nítorí gàsẹ́ẹ̀tì náà lè jẹ́ òtítọ́! Wọ́n á gbé e síwájú yín, ẹ óò rí èdìdì ìjọba, ẹ óò rí orúkọ abúlé. Ìbéèrè ni pé, ṣé ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún yín wà nínú ibi tí gàsẹ́ẹ̀tì náà gé? Abúlé kan lè gba ẹ̀sísọ̀n lórí apá kan ilẹ̀ rẹ̀, kí apá tó kù ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Gàsẹ́ẹ̀tì jẹ́ òtítọ́, ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Òmíràn á ní, “Ó ní sọ́fè tó ní rẹ́jísítà.” Iṣẹ́ mi nìyẹn, nítorí náà ẹ gbà mí gbọ́: ìwé sọ́fè kì í ṣe ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó, ó parí. Mo lè wọn ilẹ̀ ìjọba kí n sì yà á dáradára.

Òmíràn á ní, “Ó ní sí-ọf-ó.” Ẹ béèrè pé, lórúkọ ta ni? Ọ̀pọ̀ ìgbà, lórúkọ ẹbí tàbí ilé-iṣẹ́ tó ni gbogbo ilẹ̀ náà ni. Òun kò sọ yín di onílẹ̀ lójú ìjọba. Ẹ óò ṣì gba ìwé àdéhùn tiyín, ẹ óò sì gba ìyọ̀ǹda gómìnà lé e lórí, pẹ̀lú owó tirẹ̀. Sí-ọf-ó náà dára púpọ̀, èmi náà á fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tó kù lọ, ṣùgbọ́n ìpolówó kì í sọ fún yín pé ìrìn kan ṣì kù.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Ẹ gba ọ́fíìsì Sọ́fèyọ̀-Jẹ́nẹ́rà lọ ní Alausa, Ìkẹjà. Níbẹ̀ ni ìjọba ti ń fi ilẹ̀ sórí máàpù rẹ̀, tí yóò sì sọ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba gbà, tàbí èyí tó ti gé, tàbí èyí tí kò fọwọ́ kàn rí. Àwa sọ́fèyọ̀ ń pè é ní ṣíṣe ṣáàtì. Lẹ́yìn náà, kí lọ́yà yín wo ìwé tó wà ní ọ́fíìsì tí ìjọba ń kó àkọsílẹ̀ ilẹ̀ pamọ́ sí, bóyá ilẹ̀ náà ní gbèsè lórí tàbí ẹjọ́.

Ẹ dákún, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ má ṣe ṣe ṣáàtì pẹ̀lú ìwé tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ fún yín mú wá nìkan. Kí ló dé? Nítorí ó lè fi nọ́ńbà ilẹ̀ tó mọ́ sínú ìwé, kó sì mú yín lọ wo ilẹ̀ mìíràn. Ọ́fíìsì á ní ilẹ̀ mọ́, òótọ́ sì ni wọ́n sọ, ilẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò mọ́ lóòótọ́. Ẹ mú sọ́fèyọ̀ tiyín dání lọ sí orí ilẹ̀. Yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan, yóò wo àwọn òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké tí nọ́ńbà wà lára wọn, yóò sì mú nọ́ńbà ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni kó lọ fi ṣe ṣáàtì. Bí òpó kò bá sí nílẹ̀ rárá, tó jẹ́ pé igbó kìjikìji ló wà níbẹ̀, tí ẹ̀jẹ́ńtì wá na ọwọ́ pé “láti ibi igi yẹn dé ibi òkìtì yẹn”, ẹ rọra padà sínú ọkọ̀.

Nígbà tí a ṣe ṣáàtì ilẹ̀ màmá wa, inú ilẹ̀ tí ìjọba gbà ló bọ́ sí, ìjọba kò sì tíì gé e. “Ìwé pé pérépéré” tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò, kí ni ìwé náà? Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kan ni, tí ọ́fíìsì lu òǹtẹ̀ “a ti gbà á” sí lára. Òǹtẹ̀ pé lẹ́tà dé ọ́fíìsì ni wọ́n ń fihàn bí ẹni pé ìjọba ti fọwọ́ sí i. Ìwé wo ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí? Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ owó wàyí. “Láti mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ péré.” Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú: “láti”. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ru gbogbo ẹrù. Ó ń sọ pé owó tó kéré jù nìyẹn, fún ilẹ̀ tó kéré jù, tí a san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀, owó tirẹ̀ á pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ igun títì, wọ́n á tún fi owó kún un.

Ilẹ̀ tó kéré jù ńkọ́? Nígbà tí àwọn bàbá wa bá sọ pé pulọ́ọ̀tì, nǹkan bí ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà lọ́nà ọgọ́fà ló wà lọ́kàn wọn, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 lọ́nà 36. Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí à ń wo ìpolówó rẹ̀ yìí, pulọ́ọ̀tì jẹ́ mítà 15 lọ́nà 20. Ìyẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 300 níbi tí tàtijọ́ ti lé ní 600. Ilẹ̀ náà kò tó ìdajì ohun tí màmá wa ń fọkàn rò, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì. Ìjọba kò sì ní jẹ́ kí ẹ kọ́lé kan ààlà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi mítà mẹ́ta sílẹ̀ yíká, mítà 9 lọ́nà 14 ló kù fún ilé. Nítorí náà, ẹ má béèrè pé “èló ni pulọ́ọ̀tì?” Ẹ béèrè pé “èló ni mítà onígun mẹ́rin kan?” Ilẹ̀ 300 ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, ₦5,000 ni mítà kan. Bí ẹlòmíràn bá ń ta 600 ní mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó, ₦4,000 ni tirẹ̀. Ẹni tó dà bíi pé ọjà rẹ̀ wọ́n, òun gan-an ló dínwó.

Àwọn àgbà ní, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí màmá wa dé ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n fún wọn ní fọ́ọ̀mù. Iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete, àwòrán ilé aláràbarà àti ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni lẹ́tà wẹ́wẹ́ wà. Níbẹ̀ ni owó sọ́fè wà, ₦300,000. Owó ìwé àdéhùn, ₦150,000. Lẹ́yìn náà ni owó ìdàgbàsókè, ìyẹn fún gétì, gọ́tà, títì àti òpó iná, ₦2,000 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Lórí ilẹ̀ 300, ìyẹn jẹ́ ₦600,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ₦2,550,000. Owó tí a gbọ́ lórí rédíò jẹ́ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, owó tí a óò san ju mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ lọ. Mítà kan tó jẹ́ ₦5,000 ti di ₦8,500. Kì í ṣe pé wọ́n parọ́ iye. Wọ́n pín iye sí ọ̀nà méjì ni, wọ́n wá polówó ọ̀kan.

Owó ìdàgbàsókè yìí gan-an ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ní ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù, wọn kì í kọ iye rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á kọ pé “a óò kéde rẹ̀ nígbà tó bá yá”. Nígbà tó bá yá, ẹ ti san owó ilẹ̀ tán, ọwọ́ yín ti há, iye tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n lè dá. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye náà sínú ìwé lónìí, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

“Owó yóò lé sí i ní ìparí oṣù” ńkọ́? Ẹ dúró de oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ tan rédíò yín. Ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣẹ́ tí gbólóhùn yẹn ń ṣe kò ju pé kí ẹ má lè rí àyè lọ sí Alausa. Yíyẹ ilẹ̀ wò ń gba ọjọ́, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá sì ní kí ẹ sanwó kí ilẹ̀ tó ṣú, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Pulọ́ọ̀tì ọ̀fẹ́ náà, ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀bùn pulọ́ọ̀tì lórí ilẹ̀ tí kò mọ́, ìyà mẹ́fà ni dípò márùn-ún.

Àwọn òṣèré wa tí ẹ fẹ́ràn, tí ohùn wọn ń dún nínú ìpolówó, owó ni wọ́n gbà láti sọ ọ́. Wọn kò lọ sí Alausa. Mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ètò tí olóòtú yóò jókòó pẹ̀lú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan, tí yóò máa bi í ní ìbéèrè bí ẹni ń wádìí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ló san owó wákàtí yẹn. Ẹ gbọ́ ìbéèrè tí olóòtú ń bi í. Bí kò bá bi í pé “ṣé ìjọba ti gé ilẹ̀ yìí, kí sì ni ojú ìwé gàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀?”, ìpolówó lẹ ń gbọ́, kì í ṣe ìwádìí. Orí rédíò ni mo ti ń sọ èyí, mo mọ̀. Ó yẹ ká sọ ọ́ níbí.

Ó ku gbólóhùn kan, èyí tí wọ́n sáré kà ní ìparí: “Àdéhùn àti ìlànà wà o.” Inú fọ́ọ̀mù yẹn náà ni àdéhùn ọ̀hún wà. Màmá wa ti san ₦500,000 sílẹ̀ kí wọ́n tó wá bá mi. Nígbà tí èsì ṣáàtì jáde, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà dá owó wọn padà. Ilé-iṣẹ́ náà ṣí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù: ẹni tó bá fẹ́ gba owó padà yóò kọ lẹ́tà, yóò dúró fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, a óò sì yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún ìnáwó ọ́fíìsì. Ìyẹn ni pé ₦200,000 ti lọ. Gbólóhùn mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó burú jù ú lọ lójú mi. Ó ní ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù yìí nìkan ni àdéhùn, ọ̀rọ̀ yòówù tí ẹ̀jẹ́ńtì sọ tàbí tí ẹ gbọ́ níbòmíràn kò sí nínú rẹ̀. Ẹ rí i? Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìwé pé pérépéré, rà á lónìí kọ́ ọ lónìí, gbólóhùn kan ti pa gbogbo wọn rẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ mú ọ̀rọ̀ ìpolówó wá sínú àdéhùn. Ẹ sọ fún wọn pé: “Ẹ ní ìjọba ti gé ilẹ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ kọ nọ́ńbà gàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí i, ẹ sì kọ ọ́ pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ óò dá gbogbo owó mi padà láìyọ kọ́bọ̀.” Ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń tà yóò kọ ọ́, mo ti rí àwọn tó kọ ọ́ láìjanpata. Èyí tí kò bá fẹ́ kọ ọ́, á ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, á ní olóòótọ́ ni àwọn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ máa lọ.

Òfin kò fi ọwọ́ lẹ́rán lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìdáàbòbo oníbàárà ti 2018 kò fàyè gba kí ọlọ́jà fi ọ̀rọ̀ ṣi oníbàárà lọ́nà, àjọ FCCPC ló ń mú un ṣẹ. Àjọ ARCON, tí òfin 2022 gbé dìde dípò APCON, ló ń yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Ní Èkó, LASRERA ń rí sí àwọn tó ń ta ilẹ̀ àti ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ka àṣẹ láti polówó sí ẹ̀rí pé ilẹ̀ mọ́. Àjọ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kò lọ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà fún yín.

Ohun tí ẹjọ́ màmá wa ṣaláìní ni ẹ̀rí ohun tí wọ́n gbọ́. Wọ́n rántí ìpolówó náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó gbà á sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A wá rí ìwé pélébé kan tí wọ́n pín ní ọjà, tí “ìwé pé” wà lára rẹ̀ gàdàgbà, òun ni lọ́yà fi kọ lẹ́tà. Ilé-iṣẹ́ náà dá ₦500,000 padà, díẹ̀díẹ̀, láìyọ ìdá 40 náà. Ìwé pélébé yẹn ló ṣe é. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìpolówó tó wù yín, ẹ kọ orúkọ rédíò, ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Bó bá wà lórí fóònù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, nítorí ọ̀la wọ́n lè pa á rẹ́. Bílíbọ́ọ̀dù náà, ẹ yà á. Ẹ kó o pọ̀ mọ́ rìsíìtì.

Ẹ̀yin ará wa ní òkè òkun tí ẹ ń gbọ́ wa lórí fóònù, ẹ má rán ẹ̀jẹ́ńtì tó ń ta ilẹ̀ náà pé kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá sọ́fèyọ̀ àti lọ́yà tí ẹ fúnra yín yóò san owó fún, kí èsì ṣáàtì wá sọ́wọ́ yín tààrà. Owó tí ẹ ó san fún wọn lè kéré sí owó ìdàgbàsókè tí a kà lẹ́ẹ̀kan.

Aago wa ti tó. Àwọn ìlà fóònù ti ṣí sílẹ̀. Ẹni tí fọ́ọ̀mù ilẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé, kó pè wá, kó ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún wa láìdárúkọ ilé-iṣẹ́, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.